Kì í ṣe 128, 216 ni: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá àfikún owó oṣù bá ọjà rìn

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó, Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ₦60,000 ni owó oṣù mi. Ó di ₦66,000 ní 2019. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún un ní 2020 nítorí kòrónà. Ó di ₦75,000 ní 2021, ₦90,000 ní 2022 nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka, ₦110,000 ní 2023, àti ₦150,000 ní 2024. Oṣù kẹwàá ni àfikún máa ń bẹ̀rẹ̀. Akáǹtáǹtì wa ní òun ro ìdá ọ̀wọ́n gógó ọjà tí ìjọba ń kéde pọ̀ láti ọdún 2019 sí 2024, ó jẹ́ pásẹ́ǹtì 128. Owó tèmi sì ti fi pásẹ́ǹtì 150 gbéra, nítorí náà mo jèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọjà Kútọ̀, mi ò rí èrè náà. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

*Ìdáhùn:* Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, arábìnrin mi. Owó oṣù tí ẹ gbà ní oṣù kejìlá ọdún 2024 kò lè ra ju ohun tí ₦47,462 lè rà ní oṣù kejìlá ọdún 2018 lọ. ₦60,000 ni wọ́n ń san fún yín nígbà yẹn. Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n ti ń fi kún owó yín, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ má bínú sí akáǹtáǹtì yín, nítorí pé iye tó lò kò ní àbùkù kankan. Ohun tó fi iye náà ṣe ni kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye náà. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè yìí, NBS, máa ń kéde lóṣooṣù bí ọjà ṣe gbówó lérí sí, tí a bá fi oṣù náà wé irú oṣù bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ti oṣù kejìlá ni ẹni tó bá ń ṣírò láti ọdún dé ọdún máa ń mú. Pásẹ́ǹtì 11.98 ni wọ́n kéde fún oṣù kejìlá ọdún 2019, 15.75 fún 2020, 15.63 fún 2021, 21.34 fún 2022, 28.92 fún 2023, àti 34.80 fún 2024. Tí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, 128.42 ni yóò jáde lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n a kì í ro wọ́n pọ̀, nítorí pé pásẹ́ǹtì ọdún kọ̀ọ̀kan gun orí iye tí ọjà ti dé ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Kì í padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti 2018. Ká ní kóńgò gàrí kan jẹ́ ₦1,000. Tó bá fi pásẹ́ǹtì 20 gbówó lérí lọ́dún kìíní, ó di ₦1,200. Tó bá tún fi pásẹ́ǹtì 20 gbéra lọ́dún kejì, 20 nínú ọgọ́rùn-ún ₦1,200 la máa fi kún un, ìyẹn ₦240, gàrí náà á sì di ₦1,440. Ẹni tó ro 20 mọ́ 20 yóò sọ pé ₦1,400 ni. Ogójì náírà lásán ni ìyàtọ̀ yẹn lórí ọdún méjì. Tó bá wá jẹ́ ọdún mẹ́fà, tí 28.92 àti 34.80 sì wà nínú wọn, ìyàtọ̀ náà á tóbi débi pé yóò yí ìdáhùn padà pátápátá.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ sọ pásẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po, kí ẹ wá sọ àwọn ìlọ́po náà di púpọ̀ léra wọn. Pásẹ́ǹtì 11.98 túmọ̀ sí pé ohun tó jẹ́ náírà kan ti di 1.1198. Èyí tó jẹ́ 15.75 di 1.1575, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yòókù. Kalikulétọ̀ orí fóònù yín tó o ṣe:

```
1.1198*1.1575*1.1563*1.2134*1.2892*1.3480 = 3.1604
```

Ohun tó jẹ́ náírà kan ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ti di náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́rìndínlógún ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Pásẹ́ǹtì 216 ni ọjà fi gbéra.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìṣirò akáǹtáǹtì yín, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà tó ń wọn owó oṣù yín, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ló wò: 60,000 di 150,000, ìyẹn pásẹ́ǹtì 150. Gígun ara wọn tí àfikún ọdọọdún ń gun ara wọn ti wà nínú 150 yẹn. Nígbà tó wá kan ọjà, ó pa ọ̀nà dà, ó ń ro ọdún kan mọ́ ọdún kejì. Òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lò. Ká ní ó ro àfikún tiyín náà pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, 10 fún 2019, òdo fún 2020, 13.64, 20, 22.22 àti 36.36, ìbá rí 102. Kò sí bí 102 ṣe lè borí 128. Ẹ fi èyí hàn án kí ẹ tó fi ohunkóhun mìíràn hàn án, torí pé ìṣirò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, yóò sì yára rí i.

Láti wá mọ ohun tí owó yín lè rà, ẹ fi ìlọ́po ọjà pín owó òní:

```
150000 / 3.1604 = 47462
```

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ iye tó yẹ kí ẹ máa gbà kí ẹ lè wà níbi tí ẹ wà ní 2018, ẹ sọ owó àtijọ́ di púpọ̀. 60,000 lọ́nà 3.1604 jẹ́ nǹkan bíi ₦189,626. Ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ohun tí ẹ ń gbà fi díẹ̀ dín ní ọ̀kẹ́ méjì náírà lóṣù.

Láti 60,000 sí 47,462, pásẹ́ǹtì 21 ni agbára owó yín fi dín kù. Àfikún tó máa dá a padà kì í wá ṣe pásẹ́ǹtì 21. Pásẹ́ǹtì 26.4 ni, torí pé orí owó tó ti kéré la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹni tó bá béèrè 21 yóò gba ₦181,500, á ṣì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà dín sí ibi tó ti kúrò. Mo ti rí i tí àwọn òṣìṣẹ́ béèrè iye tí wọ́n pàdánù, tí ọ̀gá gbà fún wọn láìjanpata, tí wọ́n ń yọ̀ lọ sílé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ pé wọn ò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí ní kàyéfì jù nínú ọ̀rọ̀ yín kò hàn nínú ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan. Mo ṣe ìṣirò kan náà fún oṣù kejìlá ọdún kọ̀ọ̀kan. Owó tí ẹ gbà ló wà lápá òsì, ohun tó jẹ́ ní náírà 2018 ló wà lápá ọ̀tún:

```
2018    60,000    60,000
2019    66,000    58,939
2020    66,000    50,919
2021    75,000    50,041
2022    90,000    49,489
2023   110,000    46,918
2024   150,000    47,462
```

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abẹ́òkúta léèrè ìgbà tí owó wọn bàjẹ́, 2023 ni wọ́n máa dárúkọ. Wọ́n ní ìdí. Ọdún yẹn ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà já sílẹ̀, tí owó ọkọ̀ láti Lafẹ́nwá sí ibikíbi yí padà lọ́sàn-án kan òru kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti yín dáadáa. Ọdún 2020, tí ọjà kò gbéra ju pásẹ́ǹtì 15.75 lọ, ló jẹ yín níyà jù. ₦8,020 lọ nínú agbára owó yín lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ₦12,538 ni gbogbo ohun tó lọ láàárín ọdún mẹ́fà. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àdánù yín ló wà nínú ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi kún owó yín. Láti ìgbà náà wá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyàtọ̀ ọdún kan sí èkejì kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà, ìyẹn ní 2023.

Ìdí tí ọdún tí wọ́n fò dá fi ń pani lára pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé àfikún ọdún kọ̀ọ̀kan ń gun orí owó tó wà nílẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ ní ìparí 2020 ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo pásẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e sì gun orí kékeré náà. Ká ní wọ́n fi 15.75 kún un ní 2020, tí gbogbo àfikún yòókù sì dúró bí wọ́n ṣe wà, ₦173,625 lẹ bá máa gbà ní ìparí 2024 dípò ₦150,000. Nínú ohun tó ku yín kù láti dé ₦189,626, ₦23,625 jẹ́ gbèsè ọdún kòrónà nìkan. Èyí ni kí ẹ gbé lọ sí ìpàdé. Ilé-iṣẹ́ tó sọ ní 2020 pé ọwọ́ òun kò tó o lè ti sọ òótọ́, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ wọn sọ òótọ́. Síbẹ̀, wọn ò dá a padà nígbà tí nǹkan dẹ̀.

Ti 2022 ló dùn mí fún yín. Ọdún yẹn ni wọ́n fi yín ṣe olórí ẹ̀ka, tí owó yín ti 75,000 lọ sí 90,000, pásẹ́ǹtì 20 géérégé. Ọjà sì fi 21.34 gbéra. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, ẹrù pọ̀ sí i, agbára owó sì tún fi ₦552 dín. Àfikún ipò àti àfikún ọ̀wọ́n ọjà kì í ṣe nǹkan kan náà, kò sì yẹ kí wọ́n fi ọ̀kan san èkejì. Kódà ₦189,626 tí mo pè yẹn, owó ẹni tí ẹ jẹ́ ní 2018 ni. Kò sí owó ọgbọ́n ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀, kò sì sí owó ipò olórí ẹ̀ka.

Ní ti 2024, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ₦40,000 tí wọ́n fi kún un lójijì ṣe àríyá fún yín. Pásẹ́ǹtì 36.4 ni, ọjà sì jẹ́ 34.8. Lára ₦40,000 náà, ọjà ti gbé ₦38,280 lọ. ₦1,720 ló kù tó jẹ́ àfikún gidi.

Ohun kan wà tí tábìlì òkè yìí kò fi hàn. Oṣù kẹwàá ni àfikún yín máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá ni mo sì fi ṣe ìwọ̀n. Oṣù méjì péré lẹ́yìn àfikún nìyẹn, nígbà tí owó náà ṣì le dáadáa. Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹsàn-án ọdún kejì, owó náà kì í yí padà, ọjà sì ń lọ. Ẹ wo ₦110,000 tí ẹ fi jẹun títí wọ inú oṣù kẹsàn-án 2024. Ká ní wọn ò fi kún un ní oṣù kẹwàá, ₦34,805 ni ìbá jẹ́ ní oṣù kejìlá tí a bá kà á ní náírà 2018, ọ̀nà ibẹ̀ ló sì ń tọ̀ kí wọ́n tó fi kún un. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi ìṣirò yìí wé ti ẹlòmíràn, ẹ rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí yín jìnnà sí oṣù àfikún bákan náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ní oṣù tó ṣáájú àfikún, tó sì parí rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé àfikún mìíràn, yóò rí èrè tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ dára lójú òṣìṣẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìpa irọ́ kankan.

Ẹ tún mẹ́nu ba ọjà Kútọ̀. Iye tí mo lò láti òkè wá jẹ́ ti gbogbo nǹkan pọ̀: oúnjẹ, ilé gbígbé, ọkọ̀, aṣọ, oògùn, ilé-ìwé. NBS máa ń kéde ti oúnjẹ lọ́tọ̀, ó sì le ju ìyẹn lọ. Fún oṣù kejìlá láti 2019 dé 2024, pásẹ́ǹtì 14.67, 19.56, 17.37, 23.75, 33.93 àti 39.84 ni. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà, oúnjẹ tó jẹ́ náírà kan ti di náírà mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́tàléláàádọ́rin. Lójú oúnjẹ nìkan, ₦150,000 yín kò ju ₦40,220 lọ. Nínú apẹ̀rẹ̀ ọjà tí NBS fi ń ṣe ìṣirò nígbà yẹn, oúnjẹ kó díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ wo ìnáwó yín fún oṣù kan. Tó bá jẹ́ pé ìdajì owó yín ló ń lọ sórí oúnjẹ, ₦47,462 sún mọ́ òtítọ́ yín. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá ń lọ síbẹ̀, bó ṣe rí nílé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí mo mọ̀, òtítọ́ yín wà láàárín 40,220 àti 47,462. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá, ti gbogbo nǹkan pọ̀ ni kí ẹ gbé síwájú. Òun ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ẹ ṣà fúnra yín.

Ẹ yẹ ìwé owó oṣù yín wò kí ẹ tó lọ. Tó bá jẹ́ pé iye tó ń wọ báńkì lẹ kọ ránṣẹ́ sí mi fún ọdún kan, tí ẹ wá kọ iye tí wọn ò tíì yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ fún ọdún mìíràn, gbogbo ìṣirò yìí ti dojú rú. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan, pásẹ́ǹtì 8 nínú owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014, tó láti yí i padà. Ẹ lo iye tí wọn ò tíì yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, nítorí pé ìyẹn ni ọ̀gá yín ní agbára lé lórí.

Bóyá wọn á tún sọ fún yín pé ìjọba pàápàá ti ṣe gudugudu méje, pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mosàn ti gbé owó oṣù tó kéré jù dé ₦77,000 ní oṣù kẹwàá 2024. Òótọ́ ni, ó sì ju ₦70,000 tí òfin ìjọba àpapọ̀ kà sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà lọ. Ṣùgbọ́n ₦30,000 ni òfin ọdún 2019. Láti oṣù kejìlá 2019 sí oṣù kejìlá 2024, ọjà di ìlọ́po 2.82, èyí tó túmọ̀ sí pé ₦84,669 ló tó bá ₦30,000 náà dọ́gba. 77,000 kò dé ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tí òun náà ń rẹ̀yìn ṣe òṣùwọ̀n fún yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọdún 2025, èyí tó ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Pásẹ́ǹtì 34.80 ni wọ́n kéde fún oṣù kejìlá 2024, 24.48 ni wọ́n sì kéde fún oṣù kìíní 2025. Ọjà kò já wálẹ̀ láàárín oṣù kan. NBS ló yí ìpìlẹ̀ ìṣirò padà. Wọ́n máa ń pe iye tí ọjà jẹ́ ní ìgbà kan ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì fi ti oṣù yòókù wé e; iye tó bá jáde fún oṣù kọ̀ọ̀kan ni òǹkà rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n fi ṣe ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, ọdún 2024 ni wọ́n wá fi ṣe é báyìí, wọ́n sì tún apẹ̀rẹ̀ ọjà náà tò, tí oúnjẹ fi kó ìdá tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Òǹkà ti àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 274 ní ìparí 2018, ti tuntun sì bẹ̀rẹ̀ ní díẹ̀ lókè ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pín èkejì yóò rí i pé ọjà ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ láti 2018, pé owó yín sì ti di ìlọ́po ìlọ́po. Tí ẹ bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ẹnikẹ́ni, òǹkà méjèèjì ló pò mọ́ra wọn.

Ẹ má sì fi 24.48 yẹn kún ìlọ́po 3.1604 wa. Oṣù kìíní 2024 ló fi wé oṣù kìíní 2025, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oṣù náà sì ti wà nínú 34.80 tí a ti lò. Ẹ parí ìṣirò àtijọ́ sí oṣù kejìlá 2024. Láti oṣù kìíní 2025, ẹ ṣí ojú ewé tuntun: ẹ kọ owó oṣù yín àti òǹkà tuntun NBS fún oṣù náà sílẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá dé, ẹ fi òǹkà oṣù kìíní pín òǹkà oṣù kẹwàá, ẹ ó rí ìlọ́po tó ti bá ₦150,000 yín láàárín ìgbà náà, kí wọ́n tó pe iye kankan fún yín.